Bí a ṣe ń kọ̀wé sí ọlọ́pàá kí a tó tò jáde sí títì

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di akọ̀wé ìgbìmọ̀ Ọ̀nà Àgbélébùú ní ìjọ wa n'Ìbàdàn, ìpínrọ̀ mẹ́rin ni lẹ́tà tí mo gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èkíní kí DPO, èkejì ròyìn ìjọ, ẹ̀kẹta ní a fẹ́ jáde ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀kẹrin gbàdúrà fún un. DPO kà á tán, ó yí ìwé náà padà wò bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá ní, “Akọ̀wé, ibo lẹ fẹ́ kí n kó àwọn ọmọ mi sí, ní aago mélòó?” N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí lẹ́tà yìí wà fún. Ó yẹ kí ọ̀gá ọlọ́pàá lè jókòó ti lẹ́tà yín, kí ó sì ti inú rẹ̀ kọ ìwé tó máa fi pín àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, láì tún pè yín béèrè ohunkóhun. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́tà náà kò tíì parí.

Ìtò ẹ̀sìn ọjọ́ Ẹtì Rere ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo mọ̀. Ẹni tó bá ń ṣètò Màólúdì, ọdún ìbílẹ̀ tàbí ìrìn àyájọ́ ilé ìwé lè fi tirẹ̀ rọ́pò. Ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ṣé ìyọ̀ǹda ni, àbí ìfitónilétí?

Òfin àtijọ́ tí a ń pè ní Òfin Ìpéjọpọ̀ Gbangba, ti ọdún 1979, ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó èèyàn jáde gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ gómìnà, kí ó sì béèrè ní ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP àti àwọn mìíràn pe Ọ̀gá Ọlọ́pàá Pátápátá lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé gbígba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ tako ẹ̀tọ́ ìpéjọpọ̀ tí Apá 40 ìwé òfin ọdún 1999 fún wa. Nígbà tó yá, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní Apá 83, wá sọ ọ́ yéké: bí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan bá fi tó ọlọ́pàá létí pé òun fẹ́ ṣe ìpàdé tàbí ìtò ní títì, iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ni àgbègbè náà ni láti kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde wá dáàbò bò wọ́n.

Nítorí náà, àkọlé lẹ́tà wa kì í ṣe “Ẹ̀bẹ̀ fún Àyè”. Ohun tí a ń kọ ni “Ìfitónilétí Ìtò Ẹ̀sìn àti Ìbéèrè fún Ààbò àti Ìdarí Ọkọ̀”. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀bẹ̀ fún àyè, wọ́n lè gbé e sórí tábìlì kí ó máa sùn níbẹ̀. Ìfitónilétí gbé iṣẹ́ lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin yìí halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni ní káńtà, ẹ má sì rò pé ó sọ títì di tiyín. Dídá ọkọ̀ dúró àti dídí ọ̀nà jẹ́ ohun tí ẹ máa fohùn ṣọ̀kan lé lórí pẹ̀lú ọlọ́pàá àti àwọn tó ń darí ọkọ̀. Ní Ọ̀yọ́ àwọn OYRTMA nìyẹn, l'Ékòó LASTMA. Bí ọ̀nà yín bá fara kan títì ìjọba àpapọ̀, ẹ mú ẹ̀dà kan dé ọ̀dọ̀ FRSC.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò pẹ̀lú. Bí ẹ bá sọ “ìwọ́de” fún kọ́sítébù tó wà ní káńtà, ìwọ́de àwọn tí inú ń bí ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìtò ìjọ ni, ẹ sọ ọjọ́ ẹ̀sìn náà, kí ẹ sì sọ iye ọdún tí ẹ ti ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà

Ẹ má tíì mú báírò. Ẹ mú fóònù tó lè wọn ìrìn, kí ẹ̀yin mẹ́ta rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní wákàtí kan náà tí ẹ fẹ́ gbà jáde. Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ yàn ti Mọ́kọ́lá gba Queen Elizabeth Road lọ sí Òrítamẹ́fà. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà UCH ló gbà kọjá. A dúró níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lásán, a sì rí ohun tó tó wa: ọkọ̀ tó gbé aláìsàn kì í mọ̀ pé Ẹtì Rere ni. A fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀, a mú ọ̀nà inú àdúgbò.

Bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ kọ àwọn ohun tó lè dá yín dúró sílẹ̀ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe jìnnà tó sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: oríta, gárèèjì, gọ́tà tí kò ní ìdérí, wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀ (ẹni tó ń gbé àgbélébùú gíga yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín), àti mọ́ṣáláṣí. Mọ́ṣáláṣí ṣe pàtàkì lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ mìíràn lọ, torí Jímọ̀ ni Ẹtì Rere. Láti bí aago méjìlá ni àwọn èèyàn máa ń tẹ́ ẹní sí títì ní iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá. Bí ẹ bá jáde ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ẹ sì pẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin àti wọn yóò pàdé. A lọ rí lémọ́ọ̀mù àdúgbò fúnra wa, a fi àkókò wa hàn án, òun náà sì sọ ibi tí ọkọ̀ àwọn tirẹ̀ máa ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ìtò wa fi ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje àárọ̀, tó sì ń parí kí ó tó di mẹ́wàá. Oòrùn oṣù Kẹrin náà kò ní tíì mú.

Ìṣirò tó ń gbé lẹ́tà ró

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń kùnà, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ọmọ kíláàsì karùn-ún ni. Ohun mẹ́ta ni ẹ nílò: bí ìtò yín ṣe gùn tó, bí ó ṣe ń yára tó, àti iye ìgbà tí ó máa dúró.

Àwa máa ń retí 600 èèyàn. Mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń tò, kí a lè wà ní ìdajì títì kí ìdajì kejì sì ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ìlà 150 nìyẹn. Láti ìlà kan sí èkejì jẹ́ bíi mítà kan àti ààbọ̀, nítorí ìyá àgbà kì í rìn bíi sójà. Mítà 225 ni. Ẹ fi àgbélébùú iwájú, àwọn akọrin àti ọkọ̀ ẹ̀yìn kún un, ó di mítà 240. Ní ti ìyára, èèyàn tó ń kọrin tó sì ń rìn kì í kọjá 40 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Èyí túmọ̀ sí pé bí iwájú bá dé ibì kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ẹ̀yìn fi máa kọjá níbẹ̀, bí a kò bá dúró.

Ṣùgbọ́n a ó dúró. Ibùdó mẹ́rìnlá tí a ti ń dúró gbàdúrà ni Ọ̀nà Àgbélébùú ní. Èkíní ń wáyé nínú ọgbà ìjọ kí a tó jáde, ẹ̀kẹrìnlá sì wà ní pápá tí a ń parí sí, nítorí náà méjìlá ló wà ní títì, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ọ̀nà wa jẹ́ 2,400 mítà: ìrìn 60 ìṣẹ́jú, ìdúró 60 ìṣẹ́jú. Bí a bá jáde ní 7:05, iwájú yóò dé pápá ní 9:05, ẹ̀yìn ní 9:11.

Ibi tí ó ti le wá nìyí. Oríta mẹ́ta wà lójú ọ̀nà wa, ní 600, 1,320 àti 1,920 mítà. Ní ọdún kan, a fi ibùdó kẹsàn-án sí 1,400 mítà nítorí igi máńgòrò kan tó ní ibòji dáadáa níbẹ̀. Ibòji náà dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iwájú dúró lábẹ́ igi, mítà 80 péré ló ti kọjá oríta, mítà 160 tó kù sì wà ní ẹ̀yìn, àwọn kan wà láàárín oríta gan-an tí wọ́n kúnlẹ̀. Oríta tó yẹ kí a dí fún ìṣẹ́jú mẹ́fà di ti mọ́kànlá. Àwọn onímáíkírà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, ọlọ́kadà kan fẹ́ gba àárín ìlà kọjá, ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ sì ń wò wá bíi pé a dà á.

Òfin tí a fi ṣe tiwa láti ìgbà náà ni pé ibùdó kankan kò gbọ̀dọ̀ wà láàárín oríta àti 240 mítà tó tẹ̀ lé e. Yálà kí a dúró kí a tó dé oríta, tàbí kí a dúró lẹ́yìn tí ìrù wa ti kọjá rẹ̀ tán. A kó ibùdó mẹ́ta sí ṣáájú oríta kìíní, mẹ́rin sí àárín èkíní àti èkejì, mẹ́ta sí àárín èkejì àti ẹ̀kẹta, méjì sí ẹ̀yìn ẹ̀kẹta. Wọn kò jìnnà síra dọ́gba, Fáádà sì ráhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni DPO ń wá:

- Oríta kìíní (600 mítà): ẹ dí i ní 7:35, ẹ ṣí i ní 7:41.
- Oríta kejì (1,320 mítà): ẹ dí i ní 8:13, ẹ ṣí i ní 8:19.
- Oríta kẹta (1,920 mítà): ẹ dí i ní 8:43, ẹ ṣí i ní 8:49.

Bí ọlọ́pàá bá rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni ẹ ń béèrè ní oríta kan, kò ní bá yín jà. “Láti agogo méje títí di mẹ́wàá” tí àwọn èèyàn máa ń kọ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, torí wọ́n rò pé gbogbo ìgboro ni ẹ fẹ́ tì.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà

Gẹ̀ẹ́sì ni àgọ́ ọlọ́pàá ń lò, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́, lórí ìwé tó ní orúkọ ìjọ. Ojú ìwé kan ni lẹ́tà, ojú ìwé kan ni àwòrán ọ̀nà àti àkókò. Ara lẹ́tà náà lọ báyìí:

“Ọ̀gá, a ń fi tó yín létí pé ìjọ wa yóò ṣe ìtò Ọ̀nà Àgbélébùú ọdọọdún ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, láti agogo 7:05 àárọ̀ sí 9:11. Èèyàn bíi 600 ni a ń retí, tí àwọn ọmọdé bíi 120 wà nínú wọn. Ìdajì títì ní apá ọ̀tún ni a ó lò. A ó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí ọkọ̀ méjì. A kò ní ṣe ìpolongo òṣèlú, a kò sì ní tajà. Ọ̀nà àti àkókò tí a ó kọjá ní oríta kọ̀ọ̀kan wà ní ojú ìwé kejì. A ń béèrè pé kí ẹ fi ọlọ́pàá méjì-méjì sí oríta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọkọ̀ ọlọ́pàá kan sì wà ní ẹ̀yìn wa. Wọ́dìnì wa jẹ́ 36, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ni wọn yóò wọ̀. Bí òjò bá rọ̀ kí ó tó di 6:30, inú ọgbà ìjọ ni a ó ti ṣe é, a ó sì pè yín kí ó tó di 6:45. Ẹni tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò náà ni alága ìgbìmọ̀ àti akọ̀wé rẹ̀.” Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì ló máa tẹ̀ lé e. Kí nọ́ńbà náà jẹ́ ti ẹni tí kò ní máa gbé àgbélébùú, o.

Bí gbogbo ọ̀nà yín bá wà lábẹ́ àgọ́ kan ṣoṣo, DPO ni ẹ máa kọ ọ́ sí. Bí ó bá gba abẹ́ àgọ́ méjì, ẹ kọ ọ́ sí Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ (Ẹlẹ́yẹlé ni olú iléeṣẹ́ wọn n'Ìbàdàn), kí ẹ̀dà sì lọ sí ọ̀dọ̀ DPO méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ rí DPO kí lẹ́tà tó lọ sókè. Kò sí ọ̀gá tó fẹ́ràn kí wọ́n ti òkè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè rẹ̀ fún òun. Ẹ mú ẹ̀dà fún alága ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó ń darí ọkọ̀, Àmọ̀tẹ́kùn, àti baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí àdúgbò. Ti baálẹ̀ kò nílò òǹtẹ̀. Ó nílò kí àgbàlagbà kan nínú ìjọ lọ kí i, kí ó sì kà á sí i létí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni kí lẹ́tà ti wọlé. Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, gbogbo ìjọ ló ń kọ̀wé, ọlọ́pàá kò sì lè pín ara wọn sí méjì.

Kí ẹ tó kúrò ní káńtà, ẹ gba ẹ̀dà tiyín padà pẹ̀lú òǹtẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ní ọdún kejì tí mo ṣe iṣẹ́ yìí, mo fi lẹ́tà sílẹ̀, mo sì lọ. Nígbà tí mo padà ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò rí i, ẹni tó gbà á sì ti lọ sí àgọ́ mìíràn. N kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí mo lè fi hàn. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù, ẹsẹ̀ mi ni mo fi san án. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìwé náà ní owó, ẹ rọra béèrè ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Apá 83 tí mo mẹ́nu bà kò dárúkọ owó kankan.

Èrò: iwájú, àárín, ẹ̀yìn, àti géètì

Ẹ̀yìn ni ewu ti máa ń wá. Ní alẹ́ Àjíǹde ọdún 2019 ní Gombe, ọkọ̀ wọ àárín àwọn ọmọ Boys' Brigade tó ń tò lọ ní títì, ọmọ púpọ̀ sì kú. Nítorí náà a kì í fi ọmọdé sí ìparí. Àárín ni wọ́n ń wà, okùn ń bẹ ní apá ọ̀tún àti òsì wọn, àgbàlagbà tó dì í mú ló sì máa wà ní apá tí ọkọ̀ ń gbà. Ọkọ̀ kan ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn pátápátá, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò sì gbọ̀dọ̀ sún mọ́ ìlà ìkẹyìn jù. Bí kò bá sí ọkọ̀ ẹ̀yìn, a kì í jáde.

Nínú wọ́dìnì 36, 12 ń dúró ní oríta, mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì ń débẹ̀ ṣáájú wa. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí àwọn tiwa má fọ́n ká. Dídá ọkọ̀ dúró jẹ́ ti ọlọ́pàá. Àwọn 20 ń rìn ní ẹ̀gbẹ́. Mẹ́rin tó kù ń ṣọ́ àyè tó ń là sílẹ̀: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ ó mọ̀ pé ìtò ti ń là bí orin ẹ̀yìn bá ti ń pẹ́ ju ti iwájú lọ. Àwọn ará ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí wọ́n lè bá iwájú, àgbàlagbà á ṣubú, ìtò tó jẹ́ 240 mítà á di 400, gbogbo àkókò tí ẹ kọ fún ọlọ́pàá á sì bàjẹ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí iwájú dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má sọ pé kí ẹ̀yìn yára. Ìdí tí a fi ń lo gbohùngbohùn méjì nìyẹn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lágbede méjì.

Géètì ìparí ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú èrò tó fún ara wọn pa ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn níbí. Láti ìgbà náà a wọn géètì pápá wa. Ìtò wa ń kó 100 èèyàn wá síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Géètì tó fẹ̀ tó mítà kan, a ka 60 sí i ní ìṣẹ́jú kan kí ó má bàa há. Ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n máa ń ṣí fún wa jẹ́ mítà kan géérégé. Èyí ni pé ní gbogbo ìṣẹ́jú, 40 èèyàn yóò kù síta, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò sì máa tì wọ́n. Ní báyìí, a ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí a ń kọ sí ẹni tó ni pápá pé kí wọ́n ṣí géètì ńlá méjèèjì láti agogo mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má sì pín omi tàbí búrẹ́dì nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ pápá ni pọ́ọ̀ wọ́tà wà, kí èèyàn lè máa rìn wọlé lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ pe DPO, kí ẹ béèrè orúkọ ọ̀gá tí yóò darí àwọn ọmọ rẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ pe ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, ẹ sì sọ àkókò oríta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìtò, wọ́dìnì oríta kọ̀ọ̀kan á kọ àkókò tí oríta tirẹ̀ dí àti èyí tó ṣí sílẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, oríta kejì ṣí ní 8:24 dípò 8:19. Obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ já ló dá ìlà kan dúró, kò sì sí wọ́dìnì kan tó fà á sí ẹ̀gbẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo mú padà fún DPO ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Àjíǹde. Ó kà á, ó ní òun ti mọ̀, àwọn ọmọ òun ti sọ fún òun.